Kí o tó gbé ìwé rẹ fún ẹni tí yóò yí i sí EPUB

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́. Mo ti kọ ìwé mi tán nínú Word, orí méjìlá ni. Ẹnì kan bá mi yí i sí EPUB ní Kútọ̀ níbí, àmọ́ nígbà tí mo ṣí i lórí fóònù, àwọn orí ti wọnú ara wọn, àkóónú tí mo tẹ̀ kò gbé mi lọ síbì kankan, àwòrán èèpo ìwé sì ń ṣe bàìbàì. Ṣé ẹni tó yí i padà ni kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí èmi?"

Àbúrò mi, fáìlì tí o gbé fún un ni kí o kọ́kọ́ wò. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe èmi náà rí. Mo kọ ìwé kan lórí aṣọ àdìrẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá aláró ní Ìtòkú ni mo kó jọ, orí mọ́kànlá. Mo gbé e fún ẹnì kan, mo sanwó, ó dá a padà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣí i lórí fóònù ìyàwó mi, mo bá "Orí Kẹta: Ẹ̀lú àti Aró" ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbólóhùn tó parí orí kejì, bí ẹni pé ara rẹ̀ ni. Kí a tó dé orí kẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí ojú ìwé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Inú bí mi sí ẹni náà gan-an. Ìgbà tí mo jókòó ti fáìlì Word mi fúnra mi ni mo rí i pé èmi ni mo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí Henry Townsend ń tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta wa níbí ní 1859, ibi tí wọ́n bá to lẹ́tà òjé sí náà ni yóò wà lórí bébà títí bébà yóò fi gbó. Ojú tí a fi ń wo ìwé títẹ̀ nìyẹn, òun náà la sì fi ń lo Word. EPUB kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ojú-ìwé kankan. Ẹni tó ń kà á lè sọ lẹ́tà di ńlá, ó lè dá fóònù dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì tún ara rẹ̀ tò. Enter mẹ́tàdínlógún tí mo tẹ̀ láti ti orí kẹrin dé ojú-ìwé tuntun, ìpínrọ̀ òfìfo mẹ́tàdínlógún ni lójú EPUB, ìyẹn ló fi ṣófo lórí fóònù ìyàwó mi. Àkọlé orí ńkọ́? Lẹ́tà ìwọ̀n 20 ni mo fi kọ ọ́, mo kì í pọ̀, mo gbé e sí àárín. Ojú èèyàn rí i pé àkọlé ni. Ẹ̀rọ tó ń yí ìwé padà kì í wo ìyẹn. Orúkọ tí a fún ìpínrọ̀ nínú Styles ló ń wò, orúkọ kan ṣoṣo tí mo sì fún gbogbo ìwé mi láti òkè délẹ̀ ni `Normal`. Kò rí orí kankan tó lè gé.

Nítorí náà, ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ, fi ògidì pamọ́, kí o sì ṣí ẹ̀dà. Tẹ `Ctrl+Shift+8`. Àwọn àmì tó fara sin yóò jáde: ¶ níbi tí o ti tẹ Enter, ọfà kékeré níbi tí o ti tẹ Tab, ẹ̀kán tóótòòtó níbi àlàfo. Tí o bá rí ¶ tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣáájú orí kan, o ti rí àrùn tó ń ṣe ìwé rẹ.

Má tíì pa wọ́n rẹ́ o. Ibi tí ó dùn mí jù nìyí. Mo sáré pa gbogbo Enter méjì-méjì rẹ́, mi ò rántí pé oríkì wà nínú orí keje, oríkì tí ìyá kan kì fún mi nídìí ìkòkò aró. Ìlà kan, àlàfo, ìlà kan. Gbogbo rẹ̀ wó lu ara wọn, mo sì ní láti padà sọ́dọ̀ ìyá náà láti béèrè ibi tí ó ti ń mí. Kọ́kọ́ la ìwé já, kí o fi `***` sí gbogbo ibi tí ìtàn ti fò láti ibì kan sí òmíràn. Fún ewì àti oríkì, lo `Shift+Enter` láàárín àwọn ìlà, Enter lásán sì wà fún ìparí ìsọ̀rí. Tí o bá fẹ́ kí ìsọ̀rí ewì jìnnà síra, ṣètò rẹ̀ nínú Paragraph, níbi tí wọ́n kọ `Spacing After` sí. Má fi Enter kún un. Nígbà tí èyí bá parí, tẹ `Ctrl+H`, kí o fi èyí àkọ́kọ́ sí ibi Find what, èkejì sí ibi Replace with:

```
^p^p
^p
```

Tẹ Replace All, tún un tẹ̀, máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi sọ pé òdo ni. Bí ó bá kù ẹyọ kan tí kò fẹ́ lọ ní ìparí ìwé, fi í sílẹ̀, kò ní pa ọ́ lára. Lẹ́yìn náà, wá `^t`, kí o fi òfìfo rọ́pò rẹ̀, nítorí Tab tí a fi ń wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ máa ń jáde ségesège. Wíwọlé ìpínrọ̀, inú Paragraph ni kí o ti ṣe é fún `Normal`, `First line`, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó wá kan àwọn orí. Fi kọ́sọ̀ sórí àkọlé kọ̀ọ̀kan, kí o yan `Heading 1` nínú Styles. Tí o bá kórìíra àwọ̀ tí Word fún un, tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí `Heading 1` nínú Styles, yan Modify, yí i bí o ṣe fẹ́. Orúkọ ni ó ṣe pàtàkì, ẹwà kò kàn án. Nínú Modify yẹn náà, lọ sí Format, Paragraph, `Line and Page Breaks`, kí o máàkì `Page break before`. Láti ìgbà náà lọ, orí kọ̀ọ̀kan á máa bẹ̀rẹ̀ lójú-ìwé tuntun fúnra rẹ̀, o kò ní tẹ Enter kankan mọ́.

Ohun kan tó tún mú mi: mo kọ "Orí Kẹta" sórí ìlà kan, mo kọ "Ẹ̀lú àti Aró" sórí ìlà kejì, mo fi `Heading 1` sí méjèèjì. Orí mọ́kànlá di méjìlélógún nínú àkóónú, "Orí Kẹta" sì dá dúró lórí ojú fóònù kan láìsí nǹkan mìíràn. Kó wọn sórí ìlà kan, fi kólónù sí àárín. Kí o tó gbéra, ṣí View, máàkì `Navigation Pane`, kí o ka àwọn àkọlé tó wà níbẹ̀. Tí orí rẹ bá jẹ́ méjìlá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, mẹ́tàlá ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín.

Àkóónú tí o fi ọwọ́ tẹ̀, tí o fi ẹ̀kán tò lọ títí dé nọ́ńbà ojú-ìwé, pa á rẹ́. Kò sí ojú-ìwé 41 nínú ìwé tí kò ní ojú-ìwé. Inú EPUB fúnra rẹ̀ ni àkóónú gidi wà, nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ `nav.xhtml` tàbí `toc.ncx`, èyí tí ẹ̀rọ ìkàwé máa ń fà jáde nígbà tí o bá tẹ àmì àkóónú rẹ̀. Inú àwọn `Heading 1` rẹ ni ẹni tó ń yí i padà yóò ti mú un, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o kà wọ́n.

Ní báyìí, Calibre ni mo fi ń yí tèmi padà fúnra mi, ọ̀fẹ́ ni. Mo fà fáìlì `.docx` wọ inú rẹ̀, mo tẹ `Convert books`, mo yan EPUB lápá ọ̀tún lókè. Nínú `Table of Contents`, ibi `Level 1 TOC`, èyí ni mo kọ:

```
//h:h1
```

Ohun kan náà ni mo kọ sí `Insert page breaks before` nínú `Structure detection`. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń gé ìwé níbi `Heading 2` pẹ̀lú, èmi sì ní àkọlé kéékèèké bíi "Àdìrẹ Oníko" àti "Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ" láàárín orí. Kí n tó yí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń ṣí ojú tuntun fún ìpínrọ̀ méjì péré. Tí ẹni tó ń ṣe tìrẹ bá ń lo Calibre, sọ èyí fún un.

Àwòrán èèpo: yọ ọ́ kúrò nínú Word. Tí ó bá wà níbẹ̀ tí o sì tún fi òmíràn fún un, èèpo méjì ni yóò tò tẹ̀lé ara wọn. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́, JPEG, iwájú ìwé nìkan. Èyí tí ayàwòrán ṣe fún ilé ìtẹ̀wé máa ń ní iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ CMYK, èyí tó máa ń yí àwọ̀ padà lójú fóònù. Sọ fún un pé RGB ni o fẹ́, fífẹ̀ píksẹ́lì 1600, gíga 2560. Ìwọ̀n tí Amazon dábàá nìyẹn fún KDP, ibi tí òǹkọ̀wé ti ń gbé ìwé rẹ̀ sórí Amazon fúnra rẹ̀. Tèmi ṣe bàìbàì nítorí pé ayàwòrán fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bí fọ́tò, ó sì fún un pọ̀ kí ó tó dé. Mo tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí fáìlì, mo ṣí Properties, Details: fífẹ̀ rẹ̀ kò tó 800. Àwọ̀ aró tí mo fẹ́ràn jù lórí èèpo náà ti di bíi aṣọ tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní kí ó fi ránṣẹ́ bí Document, tàbí lórí ímeèlì. Má ṣe na èyí tó kéré kí ó lè tó 1600, kò ní mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí pé Yorùbá ni o fi kọ ọ́, dán àmì wò kí o tó gbé e jáde. Yan gbogbo ìwé náà, yí fọ́ńtì rẹ̀ sí Times New Roman. Tí ẹ, ọ àti ṣ bá di àmì òdì tàbí lẹ́tà àjèjì, ó jẹ́ pé fọ́ńtì Yorùbá àtijọ́ kan lo fi tẹ̀ ẹ́, èyí tó ń fi ìrísí lẹ́tà Yorùbá bo àmì mìíràn mọ́lẹ̀. Lórí fóònù ẹni tó rà á, fọ́ńtì yẹn kò sí, àmì òdì yẹn ni yóò kà. `Ctrl+H` ni o máa fi pààrọ̀ wọn, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, ó máa gbà ọ́ lákòókò. Orí méjì ìwé mi tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ tipẹ́ gbà mí ní odindi ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tí EPUB tuntun bá dé, gbé e sórí fóònù, sọ lẹ́tà di ńlá títí dé òpin, kí o ṣí gbogbo orí láti inú àkóónú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Tí orí kan kò bá sí nínú àkóónú, tí o wá bá a ní àárín orí mìíràn, padà lọ wo àkọlé rẹ̀ nínú Word: `Normal` ni yóò ṣì wà.