Èsì: Kápíṣà tí kò jẹ́ kí n wọlé

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ pé ènìyàn ni mí, ó tún ń bi mí. Kí ló fà á?"

Ẹ kú ìnira, ọ̀gá. Kúkì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ Cloudflare ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bí ẹ bá ti yege, á fi kúkì `cf_clearance` sínú aṣàwákiri yín. Tí aṣàwákiri ò bá tọ́jú ẹ̀, ojú àlejò ni wọ́n á tún fi wò yín.

Lórí Chrome, ẹ tẹ F12, ẹ wọ Application, lẹ́yìn náà Cookies. Tí `cf_clearance` kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá ohun tó ń dí kúkì, kí ẹ pa á. Tó bá wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣì ń dá yín padà, ẹ pa VPN: bí àdírẹ́sì IP bá ń yí padà, kúkì yẹn lè má wúlò mọ́. Ẹ yẹ aago ẹ̀rọ yín wò náà, bóyá ó tọ̀nà.