Ṣé fọ́tò kámẹ́rà tó láti fi mú ẹni tó jẹ́ ìbejì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wa ya ẹnì kan tó gbé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ jáde lóru. Ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ ní Táyé, òṣìṣẹ́ wa, ni, ó fún un ní 96 nínú 100. Táyé ní òun kọ́, pé òun ní Kẹ́hìndé tó jọ òun gan-an. Ṣé fọ́tò yìí ò tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan nípa rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ń sọ ojú di nọ́ńbà, á wá wo bí nọ́ńbà fọ́tò kan ṣe sún mọ́ ti òmíràn tó. Bí ojú méjì ṣe jọra tó ni 96 yẹn ń sọ, kò sọ bó ṣe dájú tó pé Táyé ni. Ká ní fọ́tò Kẹ́hìndé wà nínú àkójọ yín, ó lè gba 96 tàbí kó tilẹ̀ gba 97. Àmọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, fọ́tò rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ò sì lè dárúkọ ẹni tí kò mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn: Táyé nìkan ló máa jáde, kò sì sí nǹkan kan nínú èsì náà tó máa ta yín lólobó pé ẹlòmíì wà.

Àwọn kan á ní ká gbé òdiwọ̀n sókè, kó jẹ́ àfi 99. Kò lè ṣiṣẹ́. Fọ́tò Táyé lọ́sàn-án, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, lè yàtọ̀ sí fọ́tò rẹ̀ lóru ju bó ṣe yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé lọ. Táyé fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Àwọn onímọ̀ ya àwọn ìbejì níbi àjọ̀dún ìbejì ní Twinsburg, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 2009 àti 2010, wọ́n sì fi fọ́tò wọn dán ẹ̀rọ wò. Nígbà tí fọ́tò jẹ́ ti ọjọ́ kan náà, nínú iná sítúdíò, tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ gbìyànjú. Bí iná tàbí ìrísí ojú bá ti yí padà, tàbí tí ọdún kan bá wà láàárín fọ́tò méjì, iṣẹ́ rẹ̀ á wálẹ̀.

Àpá tàbí àmì dúdú kékeré lẹ́rẹ̀kẹ́ lè ya ìbejì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti wo àwọn méjèèjì ní ojúkorojú kí ẹ tó mọ ta ló ni ín, kámẹ́rà òru kì í sì í sábà rí i.

Ìtẹ̀ka ni kí ẹ wá. Inú oyún ni ìlà ìka ti ń yọ, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ṣe wà níbẹ̀ máa ń nípa lórí rẹ̀, torí náà ti ìbejì kì í bára mu. Káàdì tó ṣílẹ̀kùn ò tó ẹ̀rí, ẹnì kan lè yá èkejì lò. Ìtẹ̀ka Táyé lára ìlẹ̀kùn náà ò fi nǹkan kan hàn, ṣebí ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ti Kẹ́hìndé ni kí ẹ ní kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀ka wò bóyá ó wà níbẹ̀.