ALU bíìtì 4: ìyọkúrò tó ń fi ẹyọ kan dín

*Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ń to ALU bíìtì 4 sórí bọ́ọ̀dù. Àròpọ̀ ń lọ dáadáa, àmọ́ 7 yọ 3 ń fún mi ní 3. Ṣé kí n ra ṣíìpù mìíràn fún ìyọkúrò ni?*

Má ra nǹkan kan, àbúrò. 74HC283 tó ń bá ọ ro nǹkan pọ̀ náà ni yóò bá ọ yọ ọ́. Mo ti rí àṣìṣe yìí lórí bọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́, ibì kan náà ló sì sábà máa ń wà: C0, ẹsẹ̀ keje ṣíìpù náà, ni wọ́n so mọ́ GND.

Èyí ni ètò tí èmi ń lò, S1 àti S0 ni wáyà méjì tó ń yan iṣẹ́ tí ALU máa ṣe:

```
S1 S0
0  0   A AND B
0  1   A OR B
1  0   A + B
1  1   A - B
```

Gbé bíìtì B kọ̀ọ̀kan gba inú XOR kan nínú 74HC86, kí S0 wọ ẹnu kejì XOR kọ̀ọ̀kan. Bí S0 bá jẹ́ 0, B á kọjá bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ 1, gbogbo bíìtì B á yí padà. Ṣùgbọ́n yíyí nìkan kò tó láti sọ 3 di òdì 3, a gbọ́dọ̀ fi 1 kún un. S0 yìí kan náà ni kí o fà lọ sí C0, òun ni yóò mú 1 náà wá. Wò ó:

```
0111 + 1100     = 1 0011   (3)
0111 + 1100 + 1 = 1 0100   (4)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ohun tí o ń rí báyìí.

Ibi tó tún máa ń dani láàmú ni OR. S0 jẹ́ 1 níbẹ̀ náà, nítorí náà bí o bá fa wáyà OR láti ẹ̀yìn XOR, B tó ti yí padà ló máa gbà. Fi 0101 àti 0011 dán an wò: bí iná bá fi 1101 hàn dípò 0111, ibẹ̀ ni kó o tú. AND àti OR gbọ́dọ̀ gba B láti iwájú XOR.

74HC153 méjì ni yóò yan èsì tó máa jáde. AND wọ ẹnu 0, OR wọ ẹnu 1, èsì 74HC283 sì wọ ẹnu 2 àti 3 pa pọ̀, torí pé S0 ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ bóyá kó rò tàbí kó yọ. Ẹnu tí o kò bá lò lára àwọn ṣíìpù HC wọ̀nyí, so ó mọ́ GND. Bí o bá fi í sílẹ̀ lófo, iná lè máa yí padà bí ọwọ́ rẹ bá ti sún mọ́ wáyà.

Bí o bá ń yọ, má ka iná C4, ibi tí 1 tó kọjá bíìtì mẹ́rin ti ń jáde lára 74HC283, sí àmì pé o yá. Ó máa ń tàn nígbà tí A bá tó B tàbí tó ju B lọ. Yọ 7 kúrò nínú 3: o máa rí 1100, èyí tó jẹ́ òdì 4, C4 á sì kú.