Pláànù Àbújá tó ṣí nípò: ẹ kọ́kọ́ wo ìhà tó ṣí sí

*“Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ gbé pláànù ilẹ̀ kan ní Àbújá sórí àwòrán sátẹ́láìtì. UTM Zone 32, Minna ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo fi PROJ yí i sí látítúùdù àti lọ́ngítúùdù, àmọ́ ojú títì ni ilẹ̀ náà bọ́ sí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mítà síbi tó yẹ kó wà. Kí ni mo ṣì ṣe?”*

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Ẹ wọn bó ṣe ṣí tó àti ìhà tó ṣí sí, nítorí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ló ní àpá tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú pílà kan láàárín Àbújá, ístíìnì rẹ̀ 334000, nọ́tíìnì 1002000. Minna ni détọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé nọ́ńbà rẹ̀ kà: ẹlípsọ́ìdì Clarke 1880, tí wọ́n so mọ́ pílà L40 nítòsí ìlú Mínnà. WGS 84 ni GPS àti àwòrán sátẹ́láìtì ń lò. Àárín gbùngbùn ẹlípsọ́ìdì méjèèjì kò sí lójú kan náà. Iye tí a sábà ń lò ní Nàìjíríà láti kúrò ní Minna bọ́ sí WGS 84 ni -92 m ní X, -93 m ní Y àti 122 m ní Z.

Tí ẹ bá mú EPSG:32632, tó jẹ́ UTM 32 ti WGS 84, dípò EPSG:26332, tó jẹ́ ti Minna, PROJ á gbà pé WGS 84 ni nọ́ńbà yín látìbẹ̀rẹ̀. Pílà wa á bọ́ sí nǹkan bíi 77 m sí ìlà-oòrùn àti 120 m sí gúúsù ibi tó wà gan-an, bíi 142 m tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní tààrà. Èyí ni mo fura sí nínú ọ̀rọ̀ yín. “UTM 32” ni orúkọ méjèèjì, ojú sì máa ń yára gba èyí tó kọ́kọ́ rí.

Èkejì fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú Clarke 1880 lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún PROJ bí wọ́n ṣe ń sún un. Ó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹni tó bá kọ `+ellps=clrk80` tó gbàgbé `+towgs84`. PROJ kò ní pariwo, á kàn fún yín ní èsì. Àpá tirẹ̀ ni 80 m sí ìlà-oòrùn, 28 m péré sí gúúsù, bíi 85 m ní tààrà. Bí ilẹ̀ bá ti sún lọ sí ìlà-oòrùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun nìyẹn.

Ẹ fi èyí dán an wò:

```
echo 334000 1002000 | cs2cs -f "%.6f" \
 "+proj=utm +zone=32 +a=6378249.145 +rf=293.465 +towgs84=-92,-93,122 +type=crs" \
 EPSG:4326
```

Èsì rẹ̀ ni látítúùdù 9.062615, lọ́ngítúùdù 7.488935. Tí ẹ bá rí 9.062359 àti 7.489665, kò sún un rárá.

Látítúùdù ló ṣáájú níbẹ̀, bí EPSG:4326 ṣe tò ó nìyẹn. Tí ẹ bá ń lo pyproj, ẹ fi `always_xy=True` sí i kí lọ́ngítúùdù lè ṣáájú. Ọ̀rọ̀ yìí léwu fún àwa tá a wà ní Àbújá ju ẹlòmíì lọ: 9 àti 7 jọra débi pé, tí ẹ bá pààrọ̀ wọn, kì í ṣe inú òkun ni pílà yín máa bọ́ sí. Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè ló máa balẹ̀ sí, ó lé ní 240 kìlómítà, ilẹ̀ gidi sì ni ẹ máa rí níbẹ̀.

Pláànù míì wà tó jẹ́ pé ètò nọ́ńbà Mid Belt ti Nàìjíríà, EPSG:26392, ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe UTM. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ní pílà wa yìí, ístíìnì àti nọ́tíìnì á sún mọ́ 560000 méjèèjì, nọ́tíìnì kò sì ní wọ mílíọ̀nù.

Tí ẹ bá lo EPSG:26332 tààrà, PROJ fúnra rẹ̀ ló máa yan ọ̀nà ìsúnkiri, nítorí ó ju ẹyọ kan lọ tó wà fún Minna. Ìdí nìyẹn tí èsì yín fi lè fi mítà mélòó kan yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀:

```
projinfo -s EPSG:26332 -t EPSG:4326 --summary \
 --bbox 7.3,8.9,7.7,9.2 --spatial-test intersects
```

Ìlà tí “Ballpark” bá wà nínú rẹ̀ kì í sún détọ́ọ̀mù rárá. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì iṣẹ́ náà, kí gbogbo pílà sì gba ọ̀nà kan náà.

Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, -92, -93 àti 122, tó fún wíwo àwòrán. Kò tó fún rírì pílà mọ́lẹ̀ tàbí gbígbẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí mítà mélòó kan ṣì lè kù. Fún ìyẹn, ẹ gbé GPS oní-RTK lórí pílà tòsí kan tí nọ́ńbà Minna rẹ̀ dájú, ẹ yọ nọ́ńbà tí PROJ fún yín fún pílà náà kúrò nínú èyí tí GPS kà, kí ẹ fi ìyàtọ̀ náà kún gbogbo igun ilẹ̀ yẹn. Ẹ tún wọn pílà kejì. Bí ìyàtọ̀ tirẹ̀ kò bá bá ti àkọ́kọ́ mu, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣí ọ̀kan nínú pílà méjèèjì kúrò láyè rẹ̀, tàbí kí nọ́ńbà rẹ̀ má tọ̀nà; ẹ má tíì dá PROJ lẹ́bi.