Èsì: Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè

“Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí gbájúẹ̀, mo sì tún fún un ní nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?”

Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí gan-an. Ẹ má ṣe pe ẹni náà láti bẹ̀ ẹ́, nítorí bí ó bá ti mọ̀ pé ẹ ti fura, kíá ni yóò gbé owó náà kúrò níbi tó wà. Báńkì yín ni kí ẹ pè, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín ni kí ẹ sì lò, kì í ṣe èyí tí ẹ rí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ pé jìbìtì ni, kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì yín pa, kí wọ́n sì kàn sí báńkì tó gba owó náà pé kí wọ́n dì í mú. Ẹ ka iye owó náà, aago tí ẹ fi ránṣẹ́ àti nọ́ńbà orí rìsíìtì fún wọn, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀. Bí owó náà bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n lè má rí i gbà padà mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì yín, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn lè gbà yí ti àwọn àkáǹtì yòókù padà. Bí gbájúẹ̀ náà bá ti ní kí ẹ gbé áàpù kan sórí fóònù yín, ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, torí ó lè máa fi áàpù náà wo ohun tí ẹ ń tẹ̀. Ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́, bó ti wù kó bí yín nínú tó, torí pé ẹ̀rí yín nìyẹn.