Ẹ̀gbẹ́ kan ń dùn mí láàárín oṣù: ẹyin tó ń jáde ni, àbí sísìtì?

*Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 29 ni mí. Láàárín nǹkan oṣù kan sí òmíràn, ìsàlẹ̀ ikùn máa ń dùn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀tún, nígbà mìíràn òsì. Kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, á sì lọ fúnra rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ tó ń dùn mí gan-an ni mo lọ ya sikáànù. Wọ́n kọ ọ́ pé sísìtì wà nínú ilé ẹyin mi ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 2.3. Ọjọ́ 32 ni oṣù mi máa ń pé, ọjọ́ 18 ni mo ya á. Ṣé wọ́n máa ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni?*

Rárá, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì dé ibi iṣẹ́ abẹ. Tí a bá ka ọjọ́ yín dáadáa, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn pé ó jẹ́ sísìtì, ìyẹn àpò tí omi sábà máa ń kún inú rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àpò tí ẹyin oṣù náà wà nínú rẹ̀, tó ti ń múra àtibẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn àpò omi kéékèèké mélòó kan máa ń dìde nínú ilé ẹyin, ẹyin kan nínú àpò kan. Tó bá yá, ọ̀kan á ta àwọn yòókù yọ, á máa fi nǹkan bíi mìlímítà 2 tóbi sí i lójúmọ́. Nígbà tó bá fi máa bẹ́, ó ti fẹ̀ tó mìlímítà 18 sí 25. Sẹ̀ǹtímítà 2.3 tiyín jẹ́ mìlímítà 23, àárín méjèèjì ló bọ́ sí. Lójú sikáànù, nǹkan dúdú róbótó ni, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi ló kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísìtì lásán ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá ń ya á tí kò bi yín pé ọjọ́ wo lẹ rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, kò ní ohun tó máa fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àpò tí kò tíì kọjá sẹ̀ǹtímítà 3 nínú obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, a kì í pè é ní sísìtì.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọjọ́ 14 ni ẹyin máa ń jáde, ìyẹn sì ló ń ṣi wọ́n lọ́nà. Ẹni tí oṣù rẹ̀ ń pé ọjọ́ 28 lọ̀rọ̀ yẹn bá mu. Apá tó wà láàárín ìgbà tí ẹyin jáde àti ìgbà tí nǹkan oṣù tuntun dé ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: ọjọ́ 14 ni, ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì dín tàbí lé. Nítorí náà, ẹ̀yìn la ti ń kà á bọ̀. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 32, ó ku 18. Ọjọ́ tí ẹyin yín ń jáde lẹ lọ ya sikáànù!

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ìrora yẹn ti ń wá, torí ibẹ̀ la ti máa ń dá a mọ̀. Bí àpò yẹn ṣe ń tóbi, ńṣe ló ń na awọ ilé ẹyin. Ìdí nìyẹn tó fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín kí ẹyin tó jáde rárá. Tó bá wá bẹ́, omi inú rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á dà sínú ikùn, á kan awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú ikùn látòkè délẹ̀. Awọ yìí kì í fara da nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá. Ìrora tó kọ́kọ́ gún yín bí abẹ́rẹ́ á wá di èyí tó ń rọra dunni. Tẹ́ ẹ bá fò tàbí tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ méjì, ara á ti fa omi náà mu, ìrora á sì lọ. Àwọn kan máa ń rí ẹ̀jẹ̀ ṣíún lára páńtí, tàbí omi ojú ara tó ń yọ̀ tó sì ń fà bíi funfun ẹyin adìẹ. Ilé ẹyin tó bá ni iṣẹ́ oṣù náà ló ń dunni. Àmọ́ kò sí òfin pé kí ọ̀tún àti òsì máa gbà á fún ara wọn. Ọ̀tún lè ṣe é fún oṣù mẹ́ta léra, kì í ṣe àìsàn.

Sísìtì tó ń yọni lẹ́nu kì í tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà báyìí. Irú kan ni ti àpò tó yẹ kó bẹ́ tí kò bẹ́, tó wá ń tóbi lọ, tó kọjá sẹ̀ǹtímítà 3, nígbà mìíràn tó tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tirẹ̀ kì í sábà gúnni. Ńṣe ni ìsàlẹ̀ ikùn máa ń wúwo lápá kan, inú á dà bíi pé ó kún, ìtọ̀ á máa gbọ̀n yín ṣáá, nǹkan oṣù sì lè pẹ́ kó tó dé. Irú kejì máa ń wáyé lẹ́yìn tí ẹyin ti jáde: ojú ibi tó ti jáde á padà dí, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ á gbárí jọ síbẹ̀. Èyí ló máa ń bẹ́ lójijì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí iṣẹ́ agbára. Ẹ kíyè sí ọjọ́ rẹ̀ dáadáa: tó bá jẹ́ pé ọjọ́ 25 ni ìrora líle mú ẹni tí oṣù rẹ̀ ń pé 28, a ò lè dá ẹyin tó ń jáde lẹ́bi, ẹyin ti jáde tipẹ́. Púpọ̀ nínú irú sísìtì méjèèjì yìí ló máa ń pa rẹ́ fúnra wọn láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ wá ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ nǹkan sí i fún oṣù mẹ́ta: ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ẹ̀gbẹ́ tó wà, àti bó ṣe le tó láti 0 dé 10. Ká ní nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta, ìrora ọ̀tún dé lọ́jọ́ 20 ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó le tó 5, ó lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ má tíì dájọ́. Ẹ dúró títí nǹkan oṣù tuntun fi máa dé. Ó dé lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin. Ẹ ka ọjọ́ 14 padà sẹ́yìn, ẹ bá ara yín ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wọn, ìrora ló sì ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé nípa awọ tó ń nà. Ìyẹn bára mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé nínú oṣù mẹ́ta náà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni nígbà gbogbo, tó sì ń le sí i, tó ń ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tàbí tó ń dé lọ́jọ́ tí ìṣírò ò gbà, ẹ gbé ìwé náà wá.

Sikáànù tiyín ò pọn dandan kẹ́ ẹ tún un ṣe. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ má lọ láàárín oṣù mọ́. Ẹ lọ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láàárín ọjọ́ 5 sí 9 nǹkan oṣù, nígbà tí àpò tuntun kankan ò tíì dàgbà. Ẹ sọ ọjọ́ nǹkan oṣù yín fún ẹni tó ń ya á kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti pa rẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, tó ti ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tí nǹkan líle tàbí ògiri wà nínú rẹ̀ dípò omi lásán, dókítà àwọn obìnrin ló yẹ kó wò ó. Àwọn sísìtì kan, irú èyí tí irun àti ọ̀rá máa ń wà nínú rẹ̀ tàbí èyí tí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ kún, kì í lọ fúnra wọn.

Fún ìrora ìjáde ẹyin, íbúprófẹ́ìnì mílígíráàmù 400 lẹ́yìn oúnjẹ sábà máa ń tó. Ẹ lè tún un lò lẹ́yìn wákàtí 8, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, tàbí tó fura pé òun lóyún, kò gbọ́dọ̀ lò ó. Tẹ́ ẹ bá ń wá ọmọ, parasitamọ́ọ̀lù mílígíráàmù 1000 ni kẹ́ ẹ lò, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, kí wákàtí 6 sì wà láàárín wọn. Ẹni tí kò tó kílò 50 gbọ́dọ̀ dín in kù. Ìdí tí mo fi ní kí ẹni tó ń wá ọmọ má lo íbúprófẹ́ìnì ni pé ó ń dí kẹ́míkà tó ń mú kí àpò ẹyin ya, ó sì lè dá ẹyin dúró sínú. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró máa ń dá ìrora oṣooṣù yìí dúró torí pé kì í jẹ́ kí ẹyin jáde mọ́. Wọ́n sábà máa ń fún èèyàn pé kó fi pa sísìtì tó ti wà nílẹ̀ rẹ́, àmọ́ kì í pa á rẹ́.

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà dá ara yín lọ́kàn balẹ̀ bí ìrora bá dé lójijì tó sì le, tẹ́ ẹ ń bì. Ilé ẹyin tó ní sísìtì ńlá lè lọ́ bí okùn, kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibẹ̀ mọ́. Ó lè rọlẹ̀ díẹ̀ kó tún padà, èyí sì ń tan àwọn èèyàn pé ó ti ń lọ. Wákàtí mélòó kan la ní láti gbà á là, sikáànù tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ síbẹ̀ kò sì fi hàn pé kò lọ́. Bákan náà ni bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí ara yín funfun, tàbí tí èjìká ń dùn yín pẹ̀lú ikùn: ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú ikùn, yálà láti ara sísìtì tó bẹ́ tàbí oyún tó dúró síta ilé ọmọ. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò oyún fi máa ń ṣáájú, ẹ ì báà sọ pé ẹ rí nǹkan oṣù. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún, tí oúnjẹ ò wù yín, tí ara sì gbóná, ó lè jẹ́ apẹ́ńdíìsì. Nínú gbogbo rẹ̀, ilé ìwòsàn lẹ máa lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ ohunkóhun mọ́ títí tí wọ́n fi máa yẹ̀ yín wò, kẹ́ ẹ sì rántí aago tẹ́ ẹ jẹun gbẹ̀yìn, torí wọ́n máa bi yín.