Òórùn epo nínú ọkọ̀ nígbà tí táǹkì bá kún

"Ẹ jọ̀wọ́, Kòrólà 2005 ni mò ń wà. Bí mo bá ti ra epo kún táǹkì báyìí, inú ọkọ̀ á máa rùn, tó bá yá òórùn yẹn á lọ fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Kí ló ń fà á?"

Ẹ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé.

Kòrólà tèmi náà fi ojú mi rí nǹkan. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Iléṣà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ra epo kún táǹkì ní Ifẹ̀, kí n tó wọ Iléṣà orí á ti máa fọ́ ìyàwó mi. Bí epo bá fi máa lọ sílẹ̀ tó ìdajì, òórùn ti pòórá. Nítorí pé ó ń lọ fúnra rẹ̀ ni gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń sọ pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó ń wá àti ìgbà tó ń lọ gan-an ló ń júwe ibi tó wà.

Bó bá jẹ́ ínjẹ́tọ̀ tàbí họ́ọ̀sì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń jò, kò kàn án bóyá táǹkì kún tàbí kò kún, torí gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni epo ń fi agbára gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ibi tí wọ́n ń da epo sí, ẹ sáábà máa rí i tó ń kán sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ilé epo. (Kò sí kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀ nínú búùtù yín ṣá?) Èyí tó jẹ́ pé àfi kí táǹkì kún kó tó rùn, orí táǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Inú táǹkì ni pọ́ǹpù wà. Orí rẹ̀ ló bo ihò táǹkì, rọ́bà róbótó kan ló sì wà láàárín wọn. Bí táǹkì bá kún bámúbámú, epo á máa kan rọ́bà yẹn, pàápàá bí epo bá ń rọ́ síwá sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Bí rọ́bà bá ti ká sódì, epo á máa yọ́ jáde. Ìdérí kan wà lókè rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Bí wọn ò bá lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa, inú ọkọ̀ ni òórùn náà ń bọ̀ tààrà.

Ẹ má fi fèrèsé ṣíṣí tan ara yín. Èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń rọ̀gún sí. Bó bá ti tó bí ìdá 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́, iná lè ràn mọ́ ọn, ibi tí wáyà iná pọ́ǹpù sì ti so mọ́ ọn kò jìnnà sí rọ́bà yẹn rárá. Wáyà tí kò bá mú dáadáa lè ta iná. Fún àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn, mímí i sínú lásán ti burú tó.

Ẹ jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ kí ẹ tó ṣí i. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹ yọ wáyà ẹnu bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, kí ẹ sì ti tan tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó súnmọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí tèmi, eruku pupa ló bo orí táǹkì, ó gbẹ táútáú, àfi ẹ̀gbẹ́ bóòtù kan tó dúdú tó sì lọ́rinrin. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀: epo ni. Nígbà tí a tú u, rọ́bà ti ṣẹ́po sábẹ́ níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ wo ike orí pọ́ǹpù níbi tí họ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́ náà. Bó bá sán, kódà bí táǹkì ò kún, ibẹ̀ á máa lọ́rinrin nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà tuntun ò lè wo ìyẹn, àfi kí ẹ pààrọ̀ orí pọ́ǹpù.

Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ fíùsì pọ́ǹpù, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú, kí epo inú họ́ọ̀sì má baà tú sí i lójú. Lẹ́yìn náà ni á yọ wáyà bátìrì, á sì gbá eruku kúrò kí ó má bọ́ sínú táǹkì. Rọ́bà tuntun ni kó fi sí i. Èyí tí epo ti mú wú kì í jókòó dáadáa mọ́. Bó bá mú gọ́ọ̀mù sìlíkọ́ọ̀nù jáde, ẹ gba á lọ́wọ́ rẹ̀, torí epo máa jẹ ẹ́. Kó máa mú bóòtù le díẹ̀díẹ̀ lódìkejì ara wọn, kí ike orí pọ́ǹpù má baà sán. Ẹ wá ra epo kún táǹkì, kí ẹ tún ibẹ̀ wò kí ẹ tó lẹ ìdérí padà.

Títí dìgbà náà, ẹ má ra epo kọjá ìdajì táǹkì, ẹ má sì gbé ọmọ sẹ́yìn.